Ilé kan n'Iléṣà: bí a ṣe gbé módẹ́lì láti SketchUp dórí fọ́ọ̀nù tí ìwọ̀n, àwọ̀ àti ilẹ̀kùn ẹ̀ ò fi dàrú

Mo fẹ́ kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ látòkè délẹ̀, torí ibi tó ti kọ́kọ́ dàrú yẹn, ibẹ̀ náà ló ti máa ń dàrú fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé módẹ́lì láti inú sọ́fítíwíà kan lọ sí òmíì, wọ́n á wá jókòó tì í, wọ́n á máa fọwọ́ tún un ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ fáìlì tí wọ́n gbà gan-an ni ò ní ohun tí wọ́n ń wá nínú.

Bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́rin ni, wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́ n'Iléṣà, lọ́nà Àkúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń yàwòrán ilé níbẹ̀ ló yà á, SketchUp ni wọ́n lò, èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ tí ò mọ nǹkan kan nípa glTF, fọ́máàtì módẹ́lì tí ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń kà. Ẹni tó ni ilé ò sí nílé, òkè òkun ni wọ́n wà, ohun tí wọ́n sì ń bèèrè ni pé kí àwọn lè ṣí ilé náà lórí fọ́ọ̀nù, kí àwọn rìn yípo ẹ̀, kí àwọn tẹ ilẹ̀kùn kó ṣí, kí àwọn sì pààrọ̀ àwọ̀ ògiri títí àwọn á fi rí èyí tó wu àwọn kí wọ́n tó ra ọ̀dà. Èmi tí mo wà n'Ifẹ̀ níbí ni apá ti fọ́ọ̀nù já lé lọ́wọ́. Blender ni mò ń lò, fáìlì tó sì máa gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ glb, ìyẹn glTF tí wọ́n di gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, torí òun ni ojú-ìwé orí fọ́ọ̀nù ń kà láìsí wàhálà. Àbúrò kan tó mọ kóòdù ló máa ṣe ojú-ìwé yẹn.

Fáìlì àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, OBJ ni. Wọ́n ní òun ni gbogbo sọ́fítíwíà ń ṣí, òótọ́ sì ni, gbogbo wọn ló ń ṣí i. Mo fà á wọ Blender, mi ò rí nǹkan kan. Ilé ò sọnù o, ó tóbi ju ohun tí ojú Blender lè rí lọ ni. Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí nígbàkígbà tí fáìlì bá ṣe báyìí: mo máa ń wá ohun kan tí mo mọ gíga ẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Nínú ilé, ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn tiwa níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méje ní gíga, àwọn ayàwòrán sì máa ń kọ ọ́ sí 2100, ìyẹn mítà 2.1. Mo fi notepad ṣí OBJ yẹn, torí ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ẹ̀, mo wá ilẹ̀kùn pálọ̀:

```
g Ilekun_Palo
usemtl Igi_Iroko
v 3450.000 2100.000 -1200.000
```

Ó ti hàn báyẹn. 2100 yẹn, mìlímítà ni lójú ẹ̀gbọ́n, àmọ́ OBJ ò ní ibì kankan tí èèyàn ti lè sọ pé mìlímítà ni. Nọ́ńbà lásán ló ń gbé, Blender sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mítà, ni ilẹ̀kùn bá di ohun tó ga ju kìlómítà méjì lọ. Àwọn sọ́fítíwíà kan máa ń kọ òṣùwọ̀n sórí OBJ, ní ìlà tó fi `#` bẹ̀rẹ̀, ìyẹn wúlò fún ojú èèyàn nìkan, ẹ̀rọ tó ń ka fáìlì máa fò ó ni. Nọ́ńbà ilẹ̀kùn yẹn fúnra ẹ̀ á sọ ibi tó ti wá fún yín. Tẹ́ ẹ bá rí 2100, mìlímítà ni. 210, sẹ̀ǹtímítà. 82.68, ínṣì ni, èyí wọ́pọ̀ gan-an nídìí SketchUp torí ínṣì ló ń lò nínú ikùn ẹ̀ ohun yòówù kó kọ sójú. 6.89, ẹsẹ̀ bàtà ni. Tó bá jẹ́ 0.0021, ẹnì kan ti dín in kù ní ìlọ́po 1000 ṣáájú yín.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ni ìṣòro, ká ní òun nìkan ni, ká dín in kù ní ìlọ́po 1000 ká máa lọ. Mo dín in kù lóòótọ́ kí n lè wo ìyókù, ilé jáde, eérú ni gbogbo ẹ̀. Orúkọ mátíríà wà níbẹ̀, Igi_Iroko, Oda_Ogiri, Gilaasi, àmọ́ kò sí àwọ̀ lára ìkankan, torí OBJ kì í gbé àwọ̀ sínú ara ẹ̀, inú fáìlì kejì tó ń jẹ́ mtl ló wà, àwòrán igi àti táìlì sì tún wà nínú fóòdà míì. Fáìlì kan péré ni ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́.

Èyí tó wá jẹ́ kí n dá fáìlì yẹn dúró pátápátá ni ilẹ̀kùn. Mo mú ilẹ̀kùn pálọ̀, mo ní kó yí 90 dígírì bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí. Ó kúrò lára férémù, ó fò kọjá ògiri, ó lọ dúró síta nínú ọgbà. Ìdí ẹ̀ ni pé nínú OBJ, kò sí ohun tó ń jẹ́ bàbá àti ọmọ. Nínú SketchUp, ilẹ̀kùn wà lábẹ́ pálọ̀, pálọ̀ wà lábẹ́ ilé, ilẹ̀kùn sì ní ojú kan tiẹ̀, níbi íńjì, tó fi ń yí. Nígbà tó ń di OBJ, gbogbo ìyẹn yọ́ mọ́ra wọn, gbogbo igun ilẹ̀kùn wá ń wọn ara ẹ̀ láti igun ilẹ̀ ilé, kì í ṣe láti íńjì mọ́. Òmíì tún ni wíńdò: ẹ̀gbọ́n ya wíńdò kan, wọ́n wá gbé e sí gbogbo yàrá, nínú OBJ ìkọ̀ọ̀kan ti di àdàkọ tó dá dúró, èyí sì ń mú kí fáìlì wúwo.

Èèyàn lè tún un ṣe lọ́wọ́ o. Ẹ á máa fi ojú wá íńjì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ á fún wọn lórúkọ, ẹ á to bàbá àti ọmọ padà. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tí fọ́máàtì ò gbé, kò sí sẹ́tìn tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lápá ibi tẹ́ ẹ ti ń gbà á tó máa mú un padà wá, àtúnṣe ọwọ́ yẹn sì máa ṣòfò lọ́jọ́ tí wọ́n bá sún ògiri kan. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní fáìlì gidi lọ́wọ́ ló yẹ kéèyàn padà sí, kó bèèrè fọ́máàtì tó ń gbé ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá mi fi DAE ránṣẹ́ dípò OBJ, ẹ sì bá mi sọ àwọn ilẹ̀kùn lórúkọ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde." Wọ́n ní, "Orúkọ báwo? Ṣebí ilẹ̀kùn ni gbogbo wọn." Mo ní ká sọ ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ ibi tó wà, Ilekun_Palo, Ilekun_Kisinni, Ilekun_Yara1, torí tẹ́ ẹ ò bá fún un lórúkọ nínú Entity Info, orúkọ bíi `instance_0` ni SketchUp máa fún un, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ilẹ̀kùn èwo ni. Wọ́n ní kò burú. Mo wá sọ ohun tí wọ́n máa tẹ̀ nínú Options nígbà tí wọ́n bá ń gbé e jáde: kí wọ́n mú Preserve Component Hierarchies àti Export Texture Maps, kí wọ́n mú Triangulate All Faces, kí wọ́n sì yọ Export Two-Sided Faces kúrò, torí èyí máa ń gbé ojú ìta àti ojú inú ògiri lé orí ara wọn gẹ́lẹ́, ògiri á wá máa ṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá ń rìn káàkiri. Gbogbo ẹ̀, fáìlì pẹ̀lú fóòdà àwòrán ẹ̀, kí wọ́n di sínú síìpù kan, kí ohunkóhun má baà já sọ́nà.

DAE ni wọ́n ń pè ní Kọ́ládà. Ó ti dàgbà, Blender tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò láti 5.0, 4.2 ni mo fi ṣí tèmi, mo dè ń fi 4.2 yẹn sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù nítorí irú ọjọ́ báyìí. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ó ń kọ òṣùwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀ gbangba. Tẹ́ ẹ bá fi notepad ṣí èyí tó wá láti SketchUp, ẹ máa rí i lókè:

```
<unit meter="0.0254" name="inch"/>
<up_axis>Z_UP</up_axis>
```

Ohun tó ń sọ ni pé ẹyọ kan nínú fáìlì yìí jẹ́ mítà 0.0254, ínṣì nìyẹn, àti pé Z ló dorí kọ òkè. Blender ka èyí, ilẹ̀kùn pálọ̀ jáde ní 2.1 géérégé láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo yí i ní 90 dígírì, ó ṣí lórí íńjì ẹ̀. Àwọn wíńdò náà ń pín mẹ́ṣì kan lò, ìyẹn àwọn igun àti ojú tó di ara wíńdò.

Àmọ́ ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fò. Blender ò pààrọ̀ nọ́ńbà inú módẹ́lì, scale 0.0254, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ nǹkan di ńlá tàbí kékeré, ló gbé lé orí bàbá àgbà tó wà lókè pátápátá, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ṣì ń fi ínṣì ronú. Lójú, kò sí àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n àbúrò oníkóòdù máa so nǹkan mọ́ ilẹ̀kùn, bóyá àmì kékeré tí èèyàn máa tẹ̀, ohun tó bá sì so mọ́ ọn máa sún kì wálẹ̀ ní ìlọ́po 39 torí ó ti bọ́ sábẹ́ scale yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré tẹ Ctrl+A níbí kí scale yẹn lè wọnú mẹ́ṣì. Àwọn wíńdò tó ń pín mẹ́ṣì ni kì í gbà, Blender á ní ohun tó ń lo mẹ́ṣì náà ju ẹyọ kan lọ, tẹ́ ẹ bá sì ní kó pín wọn níyà, àǹfààní pínpín yẹn ti lọ nìyẹn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ṣí ìwé òfo tí kò sí kámẹ́rà tàbí iná nínú ẹ̀, mo gbé DAE wọlé, mo wá jẹ́ kí èyí ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

```
import bpy
from mathutils import Matrix
k = 0.0254
for m in bpy.data.meshes:
    m.transform(Matrix.Scale(k, 4))
for o in bpy.data.objects:
    if o.parent:
        o.location *= k
    else:
        o.scale /= k
```

Ó ń sọ mẹ́ṣì kọ̀ọ̀kan di mítà lẹ́ẹ̀kan, iye yòówù kí àwọn tó ń pín in jẹ́, ó ń sọ àyè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró sí lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ di mítà, ó wá yọ 0.0254 kúrò lórí bàbá àgbà. Tó bá ṣe tán, ilé ò gbọ́dọ̀ yí rárá lójú, ilẹ̀kùn ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ 2.1, scale gbogbo wọn á sì jẹ́ 1. Tí ilé bá yí, ẹ tẹ Ctrl+Z, ẹ wo bóyá nǹkan míì wà nínú ìwé yẹn tẹ́lẹ̀.

Mo ní scale gbogbo wọn, ó ku àwọn kan. Ilẹ̀kùn yàrá méjì ní -1 lójú kan. Ẹ̀gbọ́n ya ilẹ̀kùn tó ń ṣí sọ́tùn-ún, wọ́n wá fi Flip sọ ọ́ di tòsì fún yàrá òdìkejì. Òfin glTF fàyè gbà á, ó ní kí ẹni tó ń fi hàn yí ojú ìta padà fúnra ẹ̀ tí scale bá jẹ́ òdì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ lé e, ẹ á wá rí ilẹ̀kùn tí ojú iwájú ẹ̀ ti di àfo tí ẹ ń rí inú ẹ̀ gbalaja. Fún méjèèjì yẹn nìkan, mo ya mẹ́ṣì wọn sọ́tọ̀, mo fi Ctrl+A gbé scale wọn wọlé, mo tan Face Orientation, èyí tó bá pupa níta, mo wọ Edit Mode mo tẹ Shift+N fún un kó padà di búlúù.

Ó wá ku mátíríà, ibi tó gba sùúrù jù nìyí. SketchUp tí ẹ̀gbọ́n ń lò mọ àwọ̀, ó mọ àwòrán, ó mọ bí gíláàsì ṣe hàn gbangba tó, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. glTF fẹ́ mọ nǹkan méjì sí i: ṣé irin ni, àti báwo ni ara ẹ̀ ṣe rí, ṣé ó ń dán ni àbí kò dán. Kò sí fáìlì tó máa gbé ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ síbẹ̀, torí náà èèyàn ló máa fi wọ́n sí i. Orúkọ mátíríà ló gbà mí níbí. Mo lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú Principled BSDF, ibi tí Blender ti ń ṣètò mátíríà: ọ̀dà ògiri, Metallic 0, Roughness 0.8. Férémù alumíníọ̀mù wíńdò, Metallic 1, Roughness 0.35. Igi ìrókò, Metallic 0, Roughness 0.55. Ẹ má fi Metallic sí 0.5 nítorí pé ẹ ò mọ èwo ni ẹ máa mú, irin ni nǹkan tàbí kì í ṣe irin, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun ọ̀dà lé lórí, ọ̀dà ni ojú ń rí, 0 ni.

Ògiri ìta ní táírólíìnì lára, ẹ mọ̀ ọ́n, simẹ́ńtì gbúngbùn-gbúngbùn tí wọ́n máa ń wọ́n sára ilé. Mo fi Noise Texture àti Bump ṣe é nínú Blender, ó rẹwà, mo gbé glb jáde, mo ṣí i lórí fọ́ọ̀nù, ògiri jọ̀lọ̀ bíi dígí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, torí Noise yẹn, ìṣirò ni, inú Blender ló ń gbé, glTF kì í gbé ìṣirò, àwòrán àti nọ́ńbà ló ń gbé. Ohunkóhun tí kì í bá ṣe Image Texture tó so tààrà mọ́ Principled, ẹ kà á sí ohun tí ò ní dé. Oògùn ẹ̀ ni Bake, ìyẹn kí Blender sọ ìṣirò yẹn di àwòrán: mo ṣe àwòrán òfo 2048, mo sọ ọ́ di Non-Color, mo Bake Normal sínú ẹ̀, mo wá so àwòrán yẹn mọ́ Normal Map dípò Noise. Táírólíìnì dé fọ́ọ̀nù.

Fún àwọ̀ tí onílé fẹ́ máa pààrọ̀, mo fi ògiri sílẹ̀ ní funfun, láìsí àwòrán àwọ̀ kankan lára ẹ̀, kí àbúrò lè máa yí `baseColorFactor` Oda_Ogiri nìkan. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é, gbogbo ọ̀dà ló ṣí ju ohun tó wà nínú káàdì ọ̀dà lọ. Ó ní, "Bọ̀dá mi, nọ́ńbà tẹ́ ẹ fún mi náà ni mo lò." Nọ́ńbà pé, ìpele ẹ̀ ni ò pé. Tí àwọ̀ kan bá jẹ́ 200 nínú 255 lójú kọ̀ǹpútà, 0.784 ni èèyàn máa rò pé òun máa kọ, ṣùgbọ́n glTF ń retí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ gidi, linear ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sì jẹ́ 0.578. Tẹ́ ẹ bá tẹ kóòdù hex sínú Blender, ó ń yí i padà fúnra ẹ̀, nínú kóòdù tí ẹ fọwọ́ kọ, ẹ̀yin lẹ máa yí i.

Kí n tó fi glb sílẹ̀, mi ò gba ojú mi gbọ́. Mo gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bíi glTF Separate kí n lè ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, mo wá Ilekun_Palo:

```
{"name":"Ilekun_Palo","children":[12],
 "translation":[3.45,0,-1.2]}
```

Ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ wà, ọmọ wà lábẹ́ ẹ̀, kò sí scale, àyè ẹ̀ sì wà ní mítà. Nínú Blender, àyè kan náà jẹ́ 3.45, 1.2, 0. Ó yí padà torí glTF gbà pé Y ló dorí kọ òkè, òṣùwọ̀n ẹ̀ sì jẹ́ mítà nígbà gbogbo, kò sí àṣàyàn níbẹ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Z ti Blender di Y, Y ti Blender di -Z. Tẹ́ ẹ bá rí scale 0.0254 tàbí 100 níbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbé glb gan-an wọ Blender tó ṣófo, mo wọn ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, 2.1.

Ẹnì kan lára àwọn ọmọ onílé tún ní òun fẹ́ FBX, fọ́máàtì míì, fún Unity, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Mo ṣe é, mo yí Apply Scalings kúrò lórí All Local sí FBX Units Scale kí ilẹ̀kùn má baà dé ọ̀hún pẹ̀lú scale 100, ìwọ̀n àti bàbá-ọmọ sì dé láyọ̀. Mátíríà ló dé lápá kan: àwọ̀ wà, irin àti dídán ò wọlé bó ṣe yẹ, torí irú mátíríà àtijọ́ ni FBX mọ̀. Mo fi àkójọ Roughness àti Metallic mátíríà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fúnra wọn.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni onílé ní kí wọ́n fẹ wíńdò kíṣìnì. Ẹ̀gbọ́n yí i nínú SketchUp, wọ́n tún gbé DAE jáde pẹ̀lú Options kan náà àti orúkọ kan náà. Mo gbé e wọ ìwé òfo, mo jẹ́ kí kóòdù yẹn ṣiṣẹ́, mo tún ilẹ̀kùn méjì olódì yẹn ṣe, mo fi Append mú àwọn mátíríà tí mo ti tún ṣe wá láti fáìlì tàtijọ́. Wọ́n dé bí Oda_Ogiri.001, torí Oda_Ogiri ti wà níbẹ̀ láti inú DAE, mo wá fi Remap Users gbé gbogbo ohun tó ń lo ti DAE sórí tèmi, mo pa ti DAE rẹ́, mo dá orúkọ padà sí bó ṣe wà. Ojú-ìwé àbúrò ò nílò àtúnṣe kankan, torí orúkọ tó ń wá nínú glb ò yí.